Lítà mélòó ló wà nínú táǹkì tó dùbúlẹ̀ tí kò kún?

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Táǹkì dísẹ́ẹ̀lì ilé iṣẹ́ wa dùbúlẹ̀ bí àgbá. Inú rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 2, ó gùn ní mítà 5, orí rẹ̀ méjèèjì sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọ̀pá fi sẹ̀ńtímítà 50 hàn, mo wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdá kan nínú mẹ́rin ló kù, ìyẹn bíi lítà 3,927. Jẹnẹrétọ̀ wa ń mu lítà 40 ní wákàtí kan, mo sì ti sọ fún ọ̀gá mi pé yóò gbé wa fún wákàtí 98. Ó kú ní bíi wákàtí 69. Wọ́n ti ń fura sí mi pé mo ń tà á. Níbo ni èyí tó kù lọ?"

Bí àwọn iye tí ẹ kọ yìí bá tọ̀nà, a kò nílò olè láti fi ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ọ̀pá yín fi sẹ̀ńtímítà 50 hàn, lítà 3,071 ló wà nínú táǹkì náà. Lítà 856 tó fi dín sí iye tí ẹ kọ kò fìgbà kan sí níbẹ̀; orí ìwé nìkan ló wà. Ohun kejì tún wà tó jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ kú kí dísẹ́ẹ̀lì tó gbẹ, mo sì máa dé orí rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti parí ìṣírò yìí.

Ẹ fojú inú wo dúrọ́ọ̀mù epo tó dúró lórí ìdí rẹ̀. Láti ìdí títí dé ẹnu, bákan náà ló fẹ̀, nítorí náà iye epo tí sẹ̀ńtímítà kan gbà ní ìsàlẹ̀ náà ni sẹ̀ńtímítà kan gbà ní òkè. Nínú irú dúrọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin gíga rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin epo rẹ̀ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á há bí ìdí ọkọ̀ ojú omi, á máa fẹ̀ sí i bí epo ṣe ń gòkè títí dé àárín, lẹ́yìn náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í há títí dé òkè. Nínú táǹkì yín, bí epo bá ga ní sẹ̀ńtímítà 10, ojú epo náà kò fẹ̀ ju sẹ̀ńtímítà 87 lọ. Ní sẹ̀ńtímítà 50, ó ti fẹ̀ tó 173. Ní àárín gan-an ló tó pé 200. Nítorí pé táǹkì náà gùn ní mítà 5, sẹ̀ńtímítà kan lórí ọ̀pá yín dúró fún bíi lítà 44 ní gíga 10, ó dúró fún bíi 87 ní gíga 50, ó sì dúró fún 100 géérégé ní àárín. Iye kan ṣoṣo ni ẹ̀yin fún gbogbo wọn, ìyẹn lítà 78 àti díẹ̀, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe náà ti wọlé.

Láti mọ iye tó wà níbẹ̀ gan-an, ẹ gbà pé a gé táǹkì náà ní ìbú bí a ṣe ń gé iṣu. Ojú ibi tí a gé á rí róbótó, dísẹ́ẹ̀lì á sì gba apá ìsàlẹ̀ róbótó yẹn. Bí a bá mọ bí apá ìsàlẹ̀ yìí ṣe tóbi tó, a ó fi gígùn táǹkì sọ ọ́ di púpọ̀, iṣẹ́ ti parí nìyẹn, nítorí pé ibikíbi tí a bá ti gé e láàárín orí kan sí ìkejì, bákan náà ni yóò rí. Gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kò ju ti apá róbótó yìí lọ.

Ẹ fi àmì sí àárín gbùngbùn róbótó náà. Láti ibẹ̀, ẹ fa ìlà kan lọ sí ibi tí ojú epo ti kan ara táǹkì lọ́wọ́ òsì, kí ẹ fa òmíràn lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ìlà méjèèjì àti ara táǹkì tó wà nísàlẹ̀ wọn ti ya abẹ̀bẹ̀ kan tó dojú kọ ilẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ yìí tóbi ju ohun tí a ń wá lọ, nítorí pé òkè rẹ̀, láti àárín róbótó títí dé ojú epo, jẹ́ onígun mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, kì í ṣe epo. Bí a bá yọ onígun mẹ́ta yẹn kúrò lára abẹ̀bẹ̀, epo nìkan ló kù. Ohun tí ìlànà tí gbogbo ayé ń lò ń sọ nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń dẹ́rù ba ènìyàn nígbà tó bá kọ́kọ́ rí i:

```
V = L × [ r² × acos((r − h)/r) − (r − h) × √(2rh − h²) ]
```

Nínú rẹ̀, L ni gígùn táǹkì, r ni ìdajì ìbú inú rẹ̀, h sì ni gíga epo tí ọ̀pá fi hàn. Apá àkọ́kọ́ nínú àkámọ́ ńlá yẹn ni abẹ̀bẹ̀, apá tí a yọ kúrò ni onígun mẹ́ta. Ohun tí acos ń ṣe ni pé ó ń sọ bí abẹ̀bẹ̀ náà ṣe là tó, láti àárín rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ jẹ́ ká fi iye tiyín sí i. Mítà 1 ni r, mítà 0.5 ni h, nítorí náà r − h jẹ́ 0.5. acos ti 0.5 jẹ́ 1.0472, èyí tí a bá sì fi r² sọ di púpọ̀, 1.0472 náà ló ṣì jẹ́, nítorí pé 1 ni r. Abẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Fún onígun mẹ́ta, 2rh jẹ́ 1, h² jẹ́ 0.25, a yọ ọ́, ó ku 0.75, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ 0.8660, a fi 0.5 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 0.4330. Bí a bá yọ 0.4330 kúrò nínú 1.0472, ó ku 0.6142. Ojú epo níbi tí a gé nìyẹn, ní mítà onígun mẹ́rin. A fi gígùn mítà 5 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 3.071, àti nítorí pé ẹgbẹ̀rún lítà ló wà nínú mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga, lítà 3,071 ni. Gbogbo táǹkì náà gba lítà 15,708 bó bá kún, nítorí náà kì í ṣe ìdá kan nínú mẹ́rin ni ẹ ní. Kò tilẹ̀ pé ìdá kan nínú márùn-ún.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀rọ ìṣírò ọwọ́ ṣe é fúnra yín, ohun kan wà tó ti já ọ̀pọ̀ ènìyàn kulẹ̀. Bí ẹ bá tẹ acos ti 0.5 tí ẹ̀rọ náà sì kọ 60, dígírì ló fi ń dáhùn, rédíánì ni ìlànà yìí sì ń fẹ́. Ẹ wá bọ́tìnnì tó ń yí DEG padà sí RAD, tàbí kí ẹ fi 3.1416 sọ 60 di púpọ̀ kí ẹ sì fi 180 pín in, á sì di 1.0472. Àṣìṣe yìí kì í fi ara pamọ́ ṣá o: bí ẹ bá fi 60 ṣe é, á sọ fún yín pé dísẹ́ẹ̀lì tó lé ní lítà 297,000 ló wà nínú táǹkì tí kò gbà ju 15,708 lọ.

Wàyí o, jẹnẹrétọ̀. Lítà 3,071 tí a bá fi 40 pín yẹ kó gbé yín dé bíi wákàtí 77, ṣùgbọ́n 69 ni ẹ rí. Ẹ lọ wo páìpù tó ń fa dísẹ́ẹ̀lì jáde nínú táǹkì náà. Àwọn tó ń ṣe táǹkì kì í jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kan ìsàlẹ̀, kí ó má baà máa fa omi àti ẹrẹ̀ tó rọ̀ sílẹ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Bí ẹnu páìpù tiyín bá fi sẹ̀ńtímítà 10 ga ju ìsàlẹ̀ lọ, ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí jẹnẹrétọ̀ kò lè fà jẹ́ lítà 294, ìlànà kan náà ni mo fi ṣe é. Ẹ yọ 294 kúrò nínú 3,071, ó ku 2,777, ẹ fi 40 pín in, ó jẹ́ wákàtí 69 àti díẹ̀. Ó bá wákàtí tí ẹ sọ mu débi pé n kò rò pé páìpù yín jìnnà sí sẹ̀ńtímítà 10, ṣùgbọ́n ẹ wọ̀n ọ́ kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ẹ sì ki ọ̀pá bọ inú táǹkì náà báyìí kí ẹ tó ra òmíràn. Bí ọ̀pá bá fi nǹkan bíi 10 hàn, ẹ̀rí yín nìyẹn.

Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni ènìyàn máa jókòó ṣe irú ìṣírò yìí. Ẹ kọ ọ́ sínú Excel lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ẹ fi r sí B1, L sí B2, gíga epo ní mítà sí A5, kí ẹ sì kọ èyí sí B5, yóò fi lítà dáhùn. Excel kò ní wàhálà dígírì, rédíánì ló mọ̀.

```
=1000*$B$2*($B$1^2*ACOS(($B$1-A5)/$B$1)-($B$1-A5)*SQRT(2*$B$1*A5-A5^2))
```

Kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e, ẹ fi 1 sí A5: ó gbọ́dọ̀ dáhùn 7,854, ìdajì táǹkì géérégé. Ẹ fi 2 sí i, ó gbọ́dọ̀ dáhùn 15,708. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá kọ̀, àkámọ́ kan ti sọnù níbì kan. Àwọn kan máa ń sọ pé ìlànà mìíràn ni a ń lò bí epo bá ti kọjá ìdajì, kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí kan náà ṣiṣẹ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ohun tí mo rí fún táǹkì yín nìyí:

| Ọ̀pá (sẹ̀ńtímítà) | Lítà |
|---|---|
| 10 | 294 |
| 20 | 818 |
| 30 | 1,477 |
| 40 | 2,236 |
| 50 | 3,071 |
| 60 | 3,963 |
| 70 | 4,900 |
| 80 | 5,867 |
| 90 | 6,856 |
| 100 | 7,854 |

Mo dúró ní ìdajì nítorí pé ìdajì òkè jẹ́ òjìji ìdajì ìsàlẹ̀. Bí ọ̀pá bá fi 150 hàn, afẹ́fẹ́ tó wà lókè ga ní 50, afẹ́fẹ́ náà sì jẹ́ 3,071, nítorí náà epo jẹ́ 15,708 tí a yọ 3,071 kúrò nínú rẹ̀, ìyẹn 12,637. Fún gíga tó bọ́ sáàárín ìlà méjì, ẹ pín ìyàtọ̀ wọn ní dọ́gbadọ́gba. Sẹ̀ńtímítà 53, fún àpẹẹrẹ, á fún yín ní 3,339 lọ́nà yẹn, nígbà tí ìlànà gan-an ń sọ 3,333; lítà mẹ́fà kò tó ohun tí a ń bá ara wa jà sí.

Ẹ kíyè sí i pé ní 150, ọ̀nà tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ ì bá ti fún yín ní 11,781, èyí tó dín sí òótọ́. Nígbà tí táǹkì bá kún kọjá ìdajì, ọ̀nà yẹn ń fojú kéré epo; nígbà tó bá wálẹ̀ kọjá ìdajì, ó ń sọ iye tó ju òótọ́ lọ. Nítorí náà bí epo ṣe ń lọ sílẹ̀, lójú ẹni tó ń ka ìwé yín, ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan ń bu dísẹ́ẹ̀lì nígbà tí táǹkì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kún àti nígbà tó bá ń tán lọ, tí táǹkì náà sì ń mú un wá fúnra rẹ̀ nígbà tí epo bá wà nítòsí àárín. Bó bá jẹ́ olè ni, kì í dá epo padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí tún ti máa ń dá ìjà sílẹ̀ ni ọjọ́ tí ọkọ̀ epo bá dé. Ká ní ẹ ra lítà 5,000 nígbà tí ọ̀pá wà ní 50. 3,071 àti 5,000 jẹ́ 8,071, èyí tó fi díẹ̀ kọjá ìdajì, ọ̀pá yóò sì dúró sí bíi sẹ̀ńtímítà 102. Ẹni tó bá fi lítà 78 ka sẹ̀ńtímítà kọ̀ọ̀kan á máa retí bíi 114, nígbà tí kò bá sì rí i, á di aṣọ awakọ̀ mú pé epo kò pé. Mo ti rí irú rẹ̀ rí ní ilé búrẹ́dì kan, tí wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀ kí n tó dé. Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1613, Kepler, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Jámánì, ra wáìnì ní ìlú Linz nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó, inú bí i bí oníṣòwò ṣe ń ki ọ̀pá bọ inú àgbá tí ó sì ń sọ iye owó láìṣe ìṣírò kankan, ó sì jókòó ti ọ̀ràn náà títí tó fi di ìwé odidi ní 1615.

Ìṣírò á tọ̀nà bí ohun tí ọ̀pá sọ bá tọ̀nà, èyí tó sì ń da ọ̀pá rú jù, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí i, ni kí táǹkì máà dùbúlẹ̀ ní títẹ́jú. Àwọn táǹkì kan wà tí a mọ̀ọ́mọ̀ gbé sí dídagun díẹ̀ kí omi lè ṣàn lọ sí orí kan. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ilẹ̀ ló rì lábẹ́ wọn. Mo ti dé ibì kan tí ihò ọ̀pá wà ní orí táǹkì gan-an, kì í ṣe àárín, tí ìwé wọn kò sì bá mítà lára pọ́ǹpù epo dọ́gba rí. Mo ní kí wọ́n bá mi wá rọ́bà gígùn tí a lè rí inú rẹ̀, irú èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń wo títẹ́jú ìpìlẹ̀, a bu omi sí i, a di ẹnu kan mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí kan táǹkì, a di èkejì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí kejì. Orí tí ihò wà lọ́hùn-ún fi sẹ̀ńtímítà 5 rẹlẹ̀ ju èkejì lọ. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí táǹkì yín, ọ̀pá yóò fi sẹ̀ńtímítà 2.5 pọ̀ ju bí epo ṣe ga ní àárín lọ, ní gíga 50 sì rèé, èyí lé ní lítà 210 tí kò sí níbẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: àárín táǹkì ni kí ẹ ti máa wọ̀n ọ́ bí ihò bá wà níbẹ̀, bí kò bá sí, kí ẹ máa yọ ìdajì ìyàtọ̀ orí méjèèjì kúrò nínú ohun tí ọ̀pá sọ bí ihò bá wà ní orí tó rẹlẹ̀, tàbí kí ẹ fi kún un bó bá wà ní orí tó ga. Èyí ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí epo bá ṣì bo ìsàlẹ̀ láti orí kan dé èkejì tí kò sì kan òkè ní ibì kankan. Kọjá ibẹ̀, tábìlì mìíràn ni ó gbà.

Ẹ sì rí i dájú pé mítà 2 àti mítà 5 tí ẹ kọ jẹ́ ti inú lóòótọ́. Bí ẹnì kan bá fi téèpù wọn ẹ̀yìn táǹkì tí irin rẹ̀ nípọn ní mìlímítà 6, yóò rí mítà 2.012 àti 5.012, ìṣírò rẹ̀ á sì fi bíi lítà 227 kún ohun tí táǹkì gbà. Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ ìbú inú ni kí ẹ jẹ́ kí ọ̀pá kan ìsàlẹ̀, kí ẹ fi àmì sí ibi tí abẹ́ irin òkè ti kàn án. Bí ẹ bá ń wọn epo, ọ̀pá gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, nítorí pé ọ̀pá tó bá dagun ń sọ iye tó ju òótọ́ lọ. Ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kan irin, kì í ṣe ẹrẹ̀ tó dì sísàlẹ̀. Ẹ má sì wọ̀n ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ọkọ̀ bá já epo tán, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Nítorí àwọn mìíràn tí yóò ka èyí: táǹkì tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni mo fi ṣe gbogbo rẹ̀. Bí orí bá yọ síta bí ikùn, ohun tó wà nínú ìyọsíta yẹn kò sí nínú ìlànà yìí. Fún irú orí tó wọ́pọ̀, tí ó yọ síta ní ìdajì r, orí méjèèjì pa pọ̀ á fi èyí kún un:

```
π × h² × (3r − h) / 6
```

Nínú táǹkì tó fẹ̀ bíi tiyín, ní gíga 50, lítà 327 nìyẹn.

Kí ẹ tó lọ bá ọ̀gá yín, ẹ tẹ tábìlì yìí jáde, ṣùgbọ́n ẹ má fún un ní tábìlì nìkan. Ẹ ní kó wá dúró ti yín ní ọjọ́ tí ọkọ̀ epo bá tún dé, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki ọ̀pá bọ táǹkì kí wọ́n tó já epo, kí ẹ jọ fi iye tó wà lójú mítà ọkọ̀ kún ohun tí tábìlì sọ, kí ẹ sì kọ ibi tí ọ̀pá yẹ kó dúró sí sórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó tún ki ọ̀pá bọ̀ ọ́. Bí ọ̀pá bá wá fi ju sẹ̀ńtímítà kan lọ jìnnà sí ohun tí ẹ kọ, ẹ lọ wá rọ́bà àwọn bíríkìlà.